Ibo Ni Wọ́n Ti Ń Dá Fídíò Mọ́ínmọ́ín Yín Padà? Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ibi Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Rọra Ṣe àti Ibi Tó Yẹ Kí Kámẹ́rà Súnmọ́

Ẹni tó ń fi fídíò kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ sábà máa ń ní iṣẹ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń wò ó. Ewé wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀wà lílọ̀ wà níwájú rẹ̀, ohun tí ẹ ṣe sì ti kọjá kó tó rí i dáadáa. Ó fi ìka tó mọ́ tẹ fóònù, ó dá fídíò padà sẹ́yìn, ó tún un wò. YouTube ń ṣe àkọsílẹ̀ èyí fún ẹni tó ni fídíò. Kíkà á ló ṣòro díẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ibi tí ìlà ti gòkè ni nǹkan ti rú àwọn èèyàn lójú, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó rú wọn lójú ni sísún kámẹ́rà mọ́ ọn máa yanjú.

Mọ́ínmọ́ín eléwé la máa fi ṣàlàyé, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, tí wọ́n yà nílé ìdáná kan l'Óṣogbo. Wọ́n ra ẹ̀wà àti ewé eéran l'Ọ́jà Ọba, wọ́n bó ẹ̀wà, wọ́n gbé e lọ sílé ẹ̀rọ, wọ́n pò ó, wọ́n pọ́n ọn, wọ́n sè é. Àwọn nọ́ńbà tá a máa lò jẹ́ ti àpẹẹrẹ yìí nìkan, ṣùgbọ́n bí ìlà náà ṣe ń ṣe nìyẹn nínú fídíò oúnjẹ.

Kọ́kọ́ kọ ìṣẹ́jú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀

Kẹ́ ẹ tó wo ìlà kankan, ẹ mú ìwé àti bírò, kẹ́ ẹ wo fídíò yín látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kọ́kọ́ wo ìlà, ojú yín á máa wá ohun tí ẹ ti rò tẹ́lẹ̀. Ti àpẹẹrẹ wa rèé:

```
00:00 Ìkíni àti ohun tí a máa lò
01:10 Rírẹ ẹ̀wà àti bíbó o
02:30 Nílé ẹ̀rọ
03:20 Pípò
04:50 Kíká ewé àti dída ẹ̀wà sí i
06:40 Títò ó sínú ìkòkò
07:50 Sísè
09:00 Ṣíṣí ewé
```

Níbi iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíká ewé nìkan ní ohun mẹ́rin nínú: kíkó ewé méjì tàbí mẹ́ta léra, yíyí wọn kí wọ́n rí ṣóńṣó nísàlẹ̀, ṣíṣẹ́ ìdí ewé náà sẹ́yìn kó má bàa jò, àti pípa ẹnu rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ẹ̀wà ti wọlé. Ẹ kọ sẹ́kọ́ǹdì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí. Ibẹ̀ la máa padà sí.

Ibi tí ìlà náà wà

Lórí fóònù, ẹ ṣí YouTube Studio, kẹ́ ẹ tẹ `Content`, kẹ́ ẹ mú fídíò náà, kẹ́ ẹ sì tẹ `Analytics`. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ `Key moments for audience retention` sí lórí. Ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún lẹ máa rí, ó sì ń sọ, nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n ṣí fídíò náà, ìdá mélòó nínú 100 ni wọ́n wo ibi kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnì kan bá wo ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á. Ìdí nìyẹn tí ìlà tó ti ń sọ̀ fi lè tún gòkè láàárín fídíò, àní ó lè kọjá 100. Ibi tó gòkè, YouTube máa ń pè é ní `Spikes`; ibi tó ti rì, `Dips`.

Ohun méjì ló yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó gba ohun tí ẹ rí gbọ́. Àkọ́kọ́, ìlà yìí kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gba ọjọ́ kan sí méjì. Ìkejì, tí àwọn tó wò ó bá kéré, ẹnì kan ṣoṣo lè yí gbogbo ẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ṣí fídíò nígbà 80, tí ọ̀kan nínú wọn tún ibì kan wò lẹ́ẹ̀mẹrin, ìlà á fi ìdá 5 nínú 100 gòkè níbẹ̀, ẹ ó sì rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Ní tiwa, kí ẹnikẹ́ni tó yí bó ṣe ń ya fídíò padà torí ìlà kan, ó yẹ kí wọ́n ti ṣí i ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan.

Tí fídíò yín kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo ti ẹlòmíì. Lórí ọ̀pọ̀ fídíò tí èèyàn púpọ̀ ti wò, tí ẹ bá fa ìka lórí ìlà tó wà nísàlẹ̀ fídíò, ìlà kan tó dà bí òkè àti àfonífojì á yọ lórí rẹ̀, ibi tó ga jù á sì fi `Most replayed` hàn. Gbogbo èèyàn ló lè rí i. Kò ní nọ́ńbà, nítorí náà kò lè sọ fún yín pé èèyàn mélòó ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo fídíò mọ́ínmọ́ín mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí gbogbo wọn sì ga níbi kíká ewé, ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó ya tiyín.

Fi ibi tó ga wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, má fi wé ìbẹ̀rẹ̀

Gbogbo ìlà ló ń sọ̀. Ibi tó wà ní 63 ní ìṣẹ́jú karùn-ún lè ṣe pàtàkì ju ibi tó wà ní 70 ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbi tó ga, kẹ́ ẹ ka ti nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdì 15 ṣáájú rẹ̀ àti sẹ́kọ́ǹdì 15 lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wá àárín àwọn méjèèjì, kẹ́ ẹ sì wo iye tí orí òkè fi jù ú lọ.

Nínú àpẹẹrẹ wa, níbi kíká ewé, ìlà wà ní 46 ní 5:10, ó gòkè dé 63 ní 5:25, ó sì padà sí 44 ní 5:40. Àárín 46 àti 44 jẹ́ 45. 63 fi 18 ju 45 lọ. Ìyẹn ni pé nínú 100 tó ń wò níbẹ̀, ó tó 40 àwíwò tó lé lórí. Nílé ẹ̀rọ, ó wà ní 51 ní 2:50, ó dé 57 ní 3:05, ó padà sí 49 ní 3:20. Àárín jẹ́ 50, ó fi 7 lé, ìyẹn 14 nínú 100. Òkè kejì yìí kéré débi pé ojú lásán lè fò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìparí òkè náà ni kẹ́ ẹ wò

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á wo ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni kò yé àwọn tó ń wò. Ẹ wo ohun tí ẹni náà ń ṣe gan-an: ó ń wo fídíò lọ, ohun kan kọjá ní 5:27 tí kò yé e, ó fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ òsì fídíò lẹ́ẹ̀mejì, fóònù sì gbé e padà sẹ́yìn ní sẹ́kọ́ǹdì 10, sí 5:17. Láti 5:17 dé 5:27 ló wò lẹ́ẹ̀mejì. 5:17 kò ṣe é ní nǹkan kan. Ibẹ̀ kàn ni ìka gbé e balẹ̀ sí. Ohun tó ń wá wà nítòsí ìparí, ní apá ọ̀tún òkè náà, níbi tí ìlà ti ń padà bọ̀ sí ìpele tó wà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé tí ẹ kọ ìṣẹ́jú sí, kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 5:20 àti 5:27. Nínú àpẹẹrẹ wa, ibẹ̀ ni ẹni tó ń ká ewé ti fi ọwọ́ òsì ṣẹ́ ìdí ewé sẹ́yìn. Sẹ́kọ́ǹdì méjì péré ló gbà, ọwọ́ rẹ̀ sì bo ìdí ewé náà pátápátá. Ẹni tó bá wo ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ ì bá rò pé yíyí ewé ni, ì bá sì lọ fi ìṣẹ́jú kan gbáko ṣàlàyé ohun tó ti yé gbogbo èèyàn.

Ẹ má retí pé kó bá sẹ́kọ́ǹdì kan pàtó mu o. Ìwọ̀n ìdá kan nínú 100 gígùn fídíò ni wọ́n fi ń ka ìlà náà, torí náà nínú fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹyọ kan jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 6. Nínú fídíò ogún ìṣẹ́jú, ó di 12, a jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta lè wọ inú ẹyọ kan. Ìdí kan nìyí tá a fi fẹ́ràn fídíò mọ́ínmọ́ín tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Òkè tí kì í ṣe ti àtúnwò

Àwọn kan kì í dá fídíò padà, iwájú ni wọ́n ń fò sí. Ìlà wọn náà á gòkè. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìlà rì sí 50 láàárín 0:30 sí 1:05, ó sì fò dé 64 ní 1:10 gan-an. Àwọn tó fo ìkíni kọjá nìyẹn. Ẹ máa dá a mọ̀ nítorí kòtò tó wà ṣáájú rẹ̀, àti pé ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ga ṣánṣán bí ògiri, lẹ́yìn náà kò yára padà wálẹ̀. Òkè àtúnwò kì í ní kòtò ṣáájú rẹ̀. Ó dìde láti orí ìlà tó ń lọ jẹ́ẹ́, ó sì padà sí orí ìlà kan náà. Tí ẹ bá ti kọ àkókò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ fídíò bí èyí tá a kọ lókè yẹn, ibi tí apá kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn á máa fò sí, ẹ má ka ìyẹn mọ́ àtúnwò.

Òkè tó wà ní 9:10, nígbà tí wọ́n ṣí ewé tí mọ́ínmọ́ín ń dán, ti àwọn tó fẹ́ mọ bó ṣe rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n fò wá síbẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sì padà síbẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n jáde. Kò sí ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yí padà níbẹ̀, àyàfi pé ẹ lè gbé mọ́ínmọ́ín tó ti jinná síwájú fún sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, kí wọ́n má baà fò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tí ìlà ṣe lẹ́yìn òkè àtúnwò. Èyí ló ń fi hàn bóyá wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá. Tí ìlà bá padà sí ipò rẹ̀ tó sì ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi tẹ́lẹ̀, wọ́n tún un wò, ó yé wọn, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe kúrò lókè ló já wálẹ̀, bíi nínú àpẹẹrẹ wa tó ti 44 ní 5:40 bọ́ sí 35 ní 6:00, a jẹ́ pé wọ́n tún un wò, kò sì yé wọn, wọ́n wá lọ wá ẹlòmíì. Òkè tí jíjá tẹ̀ lé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, bí kò bá tiẹ̀ ga tó àwọn yòókù.

Ohun kan wà tí ìlà yìí kò lè fi hàn: dídá fídíò dúró. Ẹni tó dá a dúró láti kọ iye ata sílẹ̀ kò tún nǹkan kan wò, kò sì ní hàn. Ẹ má sọ pé ohun tí ẹ kọ sójú fídíò hàn kedere torí pé kò sí òkè níbẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò. Ẹni tó bèèrè pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi mélòó lẹ fi lọ̀ ọ́?" ti sọ ohun tí ìlà kò lè sọ.

Rọra ṣe é, sún mọ́ ọn, tàbí nǹkan mìíràn?

Ẹ wo ibi tí ẹ rí, kẹ́ ẹ pa ohùn rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ojú kúrò, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá lóye nínú méjèèjì ló máa sọ oògùn rẹ̀.

Ẹ wo òkè kékeré tó wà nílé ẹ̀rọ. Tí ẹ bá wò ó láìsí ohùn, kò sí ohun tó fara sin: ẹ̀wà ń wọlé, omi ń wọlé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ọ, ariwo ẹ̀rọ bo ẹnu ẹni tó ń sọ iye omi. Ìyẹn ni wọ́n ń dá padà láti gbọ́. Tí ẹ bá rọra ṣe é tàbí tí ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn, kò ní yanjú ohunkóhun. Ẹ jókòó nílé níbi tó dákẹ́, kẹ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi lé ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ iye náà sójú fídíò kó dúró fún ó kéré tán sẹ́kọ́ǹdì márùn-ún. Ó tún dáa kẹ́ ẹ fi bí ẹ̀wà ṣe ki tó hàn, nítorí omi tó wà lára ẹ̀wà rírẹ kì í dọ́gba, iye ife nìkan kò tó. Ẹ bù ú pẹ̀lú ṣíbí, kẹ́ ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣàn padà sínú abọ́, kí kámẹ́rà dúró síbẹ̀ láìmì títí yóò fi ṣàn tán. Bó ṣe ń ṣàn ni wọ́n á fi wé tiwọn.

Níbi ewé, ojú ni ìṣòro wà, oríṣi méjì ló sì jẹ́. Ó yára, ọwọ́ sì bò ó. Tó bá jẹ́ pé ó yára nìkan ni, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nínú fídíò: ẹ̀ẹ̀kan bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nílé, kí wọ́n lè mọ bí ọwọ́ ṣe ń lọ, ẹ̀ẹ̀kan sí i ní ìlàjì ìyára. Kí ìlàjì ìyára má baà máa ta kìjikìji, ẹ yí ètò kámẹ́rà fóònù sí `60 fps` kẹ́ ẹ tó yà á. Àwòrán 60 ni fóònù ń yà ní sẹ́kọ́ǹdì kan nígbà náà; tí ẹ bá fà á dé ìlàjì, 30 ṣì kù, ojú kò sì ní rí àléébù. Tó bá jẹ́ pé 30 lẹ fi yà á, 15 ló máa kù, ìka á sì máa fò láti ibì kan dé ibòmíì, ní ibi tó yẹ kó ti hàn jù. Ẹ yà á lójú ọ̀sán nítòsí fèrèsé. Iná ìjọba ń mì ní ìgbà 50 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, gílóòbù kan á sì máa ṣẹ́jú tí ẹ bá ń yà á ní 60, àwòrán á wá máa mọ́lẹ̀ á máa ṣókùnkùn. Ẹ má fa ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán. Ẹ pa ohùn apá yẹn, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lé e lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n nínú àpẹẹrẹ wa, rírọra nìkan kò tó. Ọwọ́ tó bo ìdí ewé á ṣì bò ó bí ẹ bá fà á dé ìlàjì ìyára. Ibi tí kámẹ́rà dúró sí ni kẹ́ ẹ yí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé fóònù sí iwájú, kó kọjú sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Níbi ewé, ìyẹn ń ṣe ìpalára méjì: ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń dí ojú, ọwọ́ ọ̀tún yín sì wà lápá òsì ẹni tó ń wò, kó tó yí i padà lọ́kàn ara rẹ̀ ẹ ti parí. Ẹ gbé fóònù sẹ́yìn èjìká yín, kó máa wo ìsàlẹ̀ láti apá ọ̀tún tàbí òsì orí yín, kí ẹni tó ń wò rí i bí ẹ̀yin alára ṣe ń rí i. Kí ewé àti ọwọ́ méjèèjì kún ojú fídíò. Kò sídìí fún ojú yín tàbí ìkòkò níbẹ̀. Ẹ gbé fóònù súnmọ́ ọn, ẹ má fi ìka fa àwòrán tóbi, torí ó ń ba ẹ̀gbẹ́ ewé jẹ́. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tàbí abọ́ fífẹ̀ tó mọ́ sábẹ́, kí àwọ̀ ewé lè yàtọ̀. Ẹ tẹ ojú ewé lórí fóònù kẹ́ ẹ dì í mú títí kámẹ́rà á fi dojú mọ́ ibẹ̀, kó má baà máa wá ọwọ́ yín kiri bí ẹ ṣe ń mì í.

Nígbà tí ẹ bá dé ìdí ewé, ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn níwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ yí ewé náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí kámẹ́rà, kẹ́ ẹ ka ẹyọ mẹ́ta nínú ọkàn yín kẹ́ ẹ tó da ẹ̀wà. Dídúró yẹn ń ṣe ju ìlàjì ìyára lọ. Ẹ tún fi èyí tí kò dáa hàn, èyí tí wọn kò ṣẹ́ ìdí rẹ̀ dáadáa tó wá ń jò, torí ohun tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń wò dá fídíò padà náà nìyẹn: tirẹ̀ ti ń jò.

Níbi ìkòkò, oru ni ọ̀tá. Tí òkè bá wà níbi títò ó, ẹ tò ó kẹ́ ẹ tó gbé e kaná. Ẹ fi igi ewé àti ewé fífàya hàn nísàlẹ̀ ìkòkò, kẹ́ ẹ sì fi hàn pé ẹnu tí ẹ pa dé dojú kọ ibi tí kò ti lè ṣí. Lórí iná, oru á bo ojú kámẹ́rà láàárín sẹ́kọ́ǹdì díẹ̀.

Fídíò tó ti wà níbẹ̀ ńkọ́?

YouTube kò gbà kẹ́ ẹ fi fídíò tuntun rọ́pò èyí tó ti jáde lórí líǹkì kan náà. Ẹ lè gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀, ẹ kò lè fi àwòrán tuntun kún un. Ẹ kọ àkókò sínú `Description` rẹ̀ bí èyí tó wà lókè. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti `00:00`, kó tó mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó sẹ́kọ́ǹdì 10. Ẹ kọ iye omi tó bọ́ sínú ariwo ẹ̀rọ sínú ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ fídíò, kẹ́ ẹ sì kàn án mọ́ orí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù. Ewé kíká nìkan, ẹ yà á lọ́tọ̀ bíi fídíò kékeré, kẹ́ ẹ fi líǹkì rẹ̀ síbẹ̀.

Tí fídíò tuntun bá ti jáde tí wọ́n sì ti wò ó tó, ẹ má retí kí òkè ibi ewé parẹ́. Àwọn tí wọ́n ń ká ewé pẹ̀lú yín á ṣì máa dá a padà, ó sì lè ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ fi wé ara: sẹ́kọ́ǹdì 20 lẹ́yìn òkè nínú fídíò àtijọ́ àti sẹ́kọ́ǹdì 20 lẹ́yìn rẹ̀ nínú tuntun. Tí èyí tó já láti 44 sí 35 tẹ́lẹ̀ bá ń rọra sọ̀ báyìí, ewé náà ti yé wọn. Tó bá ṣì ń já, ẹ padà sí apá ọ̀tún òkè náà, kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láìsí ohùn, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìṣòro ti kúrò ní ìdí ewé, kó ti bọ́ sí pípa ẹnu rẹ̀ dé.